"Encore" Tí Mo Yọ Lábẹ́ Àwòrán Búrẹ́dì

Gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ní Òkè Gádà ló mọ̀ pé n kì í tètè fọkàn tán ènìyàn. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo fi wa ọkọ̀ láti Ẹdẹ sí Ìbàdàn. Awakọ̀ tó bá sì gba gbogbo ẹni tó ní "ẹ dúró dè mí, mo ti ń bọ̀" gbọ́, inú gáréèjì ni ilẹ̀ máa ṣú u sí. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi mú Ibtisam wá sílé búrẹ́dì wọn, tí wọ́n ní ọmọ yìí ni yóò máa bá àwọn kọ Faransé sábẹ́ àwòrán búrẹ́dì lórí Ínsítágíráàmù, ńṣe ni mo wò ó láti òkè délẹ̀. Mo bi ara mi pé kí ni èyí ń wá gan-an.

Ẹ̀gbọ́n mi ni Àlàájà Sìmbíátù. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n lò ní Abíjàn, níbi tí wọ́n ti ń yan búrẹ́dì gígùn ta nínú ọjà Àjàmé. Nígbà tí wọ́n darí dé, wọ́n mọ ààrò sẹ́yìn ilé bàbá wa, wọ́n sì kọ "Tantie Simbi" sára ògiri, torí orúkọ tí wọ́n fi ń pè wọ́n lọ́hùn-ún nìyẹn. Àwọn ará Ẹdẹ kọ́kọ́ fi búrẹ́dì náà ṣẹ̀sín. Wọ́n ní ọ̀pá ni, wọ́n ní tí ènìyàn bá jẹ ẹ́ tán kó fi ìyókù lé ewúrẹ́. Àmọ́ àwọn tí wọ́n bí sí Abíjàn tí wọ́n wá padà sí Ẹ̀jìgbò gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà Awo wá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ti Kùtọnù wá sílé ẹ̀kọ́ gíga ìlú wa náà gbọ́. Èdè Faransé ni púpọ̀ nínú wọn ń kà. Bí o bá fi Yorùbá polówó fún wọn lórí fóònù, wọ́n á kàn yí i kọjá ni.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Ẹ̀gbọ́n mi ń sọ Faransé bí ẹni mu omi, ṣùgbọ́n ẹnu ọjà ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọn ò lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Èmi ní tèmi mọ̀wé, mo lè ka Yorùbá, mo lè ka Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ n ò gbọ́ Faransé. Ọ̀kan nínú wa ní etí, èkejì ní ojú, kò sì sí ẹni tó lè mọ ohun tí ọmọ yẹn ń kọ. Bó bá kọ ọ́ pé olè ni wá, àwa fúnra wa la máa gbé e síta, torí ọwọ́ mi ni fóònù ilé búrẹ́dì wà.

Ẹyọ ọ̀rọ̀ Faransé kan ni mo mọ̀: "Encore!" Bí mo bá gbàgbé láti ra yíìsì, tí mo jẹ́ kí búrẹ́dì jóná, tàbí tí mo fi omi púpọ̀ po fúláwà, ẹ̀gbọ́n mi á na ìka sí mi, wọ́n á ní, "Encore, Salman!" Kò sí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ fún mi, bẹ́ẹ̀ ni n ò bèèrè. Ojú wọn ti túmọ̀ rẹ̀. Èébú ni, irú èyí tí wọ́n ń bú àgbà tí kò gbọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan mìíràn tí n kì í fẹ́ sọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wà ní Abíjàn, èmi ni mo máa ń ka lẹ́tà wọn fún ìyá wa. Ìgbà kan wà tí wọ́n jẹ́ kí akọ̀wé kan kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé oyún bà jẹ́ lára àwọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn fi wà ní ọsibítù, kí ìyá wa fi ọ̀rọ̀ ìtùnú ránṣẹ́. Ìyá wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo fo ibẹ̀. Mo ka "ara wa le" dípò rẹ̀, ìyá wa yọ̀, wọ́n sì sùn dáadáa. Ẹ̀gbọ́n mi retí ìtùnú yẹn fún ọdún méjì, wọn ò rí i, àfìgbà tí wọ́n wálé Iléyá tí ọ̀rọ̀ tú síta. Wọ́n ní, "Salman, ohun tí o máa ń yọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, á pa ènìyàn lọ́jọ́ kan." Lójú tèmi nígbà náà, oore ni mo ṣe.

Ẹ wá jẹ́ kí n padà sọ́dọ̀ Ibtisam. Abíjàn ni wọ́n bí i sí, Ẹ̀jìgbò ni bàbá rẹ̀ ti wá, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Faransé ní ilé ìwé aládàáni kan nínú ìlú. Bí ẹni tí wọ́n ń lé ni ó máa ń sọ Yorùbá, ó máa ń tètè sọ ọ́, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kó tó sọ ọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́, kò tíì mú bírò tó fi bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè.

"Tantie, ohùn wo lẹ fẹ́? Ṣé ká máa pe oníbàárà ní *tu* ni àbí *vous*?"

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. "Ní Àjàmé, *tu* ni gbogbo wa ń pe ara wa."

Mo ní, "Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ibtisam yíjú sí mi. "Bàbá Salman, *tu* dà bí 'ìwọ', *vous* dà bí 'ẹ̀yin'. Àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ wa pọ̀, àgbà sì wà nínú wọn."

Mo ní, "Ẹ̀yin! Ta ni yóò máa fi 'ìwọ' pe Àlàájà Ẹ̀jìgbò nítorí búrẹ́dì?" Ẹ̀gbọ́n mi gbà sí mi lẹ́nu, àmọ́ wọ́n ní àdéhùn kan wà. Kí ó má kọ ọ́ bíi ti onílé ìwé o. Kí ó kọ ọ́ bí àwọn ṣe ń sọ ọ́ lẹ́nu ní Àjàmé: kí ó má máa kọ *il y a*, ìyẹn 'ó wà', gbọọrọ, *y a* ni kó kọ. Ibtisam ṣe bí ẹni fẹ́ jiyàn, ó wá ní, "Ó dáa, Tantie. Ó kàn ní ibi tó léwu ni." Mo gbọ́ "léwu" yẹn, mo sì fi í pamọ́ sínú mi.

Ó kọ́ mi bí a ṣe ń gbé e síta. Ó ní kí ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán má gùn, torí bó bá ti kọjá bíi lẹ́tà ọgọ́fà ó lé díẹ̀, Ínsítágíráàmù á gé ìyókù mọ́lẹ̀, àfi tí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́ kó tó rí i. Nítorí náà, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kó wà níwájú. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ní àmì háṣì, ìsàlẹ̀ pátápátá ni kó wà, kò sì gbọ́dọ̀ ju márùn-ún lọ. Ó ní bí a bá tò wọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tí ebi ń pa. #TantieSimbi, #PainChaud, #Ede, #Ejigbo, ó tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo rẹ̀ ń ṣe mí ní kàyéfì. Kí ló dé tó fi máa ń fi àlàfo sílẹ̀ kó tó fa àmì ìyanu? Ó ní bí àwọn Faransé ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Kí ló dé tó fi so #PainDEde, ìyẹn búrẹ́dì Ẹdẹ, pọ̀ bẹ́ẹ̀, láìsí àmì kékeré orí *D* tí mo rí nínú ìwé rẹ̀? N ò bèèrè o, mo fi àmì náà sí i fúnra mi. Ìgbà tó dé tó wo fóònù, ó fi hàn mí: ibi tí àmì náà wà ni àwọ̀ búlúù ti tán. *PainD* nìkan ló di ohun tí ènìyàn lè tẹ̀, orúkọ ìlú wa ti já sílẹ̀. Ó ní háṣì kò fẹ́ àlàfo, kò fẹ́ àmì kankan láàárín. Ojú tì mí, inú sì bí mi pé ojú tì mí níwájú ọmọ kékeré. Mo pinnu pé lọ́jọ́ mìíràn tí mo bá fọwọ́ kan nǹkan, ẹnikẹ́ni ò ní í mọ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo rí i lẹ́ẹ̀mejì tó ń jáde ní ilé búrẹ́dì kejì tó wà ní ọ̀nà Pólì, àwọn tó ń bá wa du oníbàárà. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní, "Ṣé o bi í?" Mo ní ṣé olè máa ń dáhùn ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni búrẹ́dì ń tán kí àwọn ará Ẹ̀jìgbò tó dé, wọ́n á sì padà pẹ̀lú ìbínú. Ẹ̀gbọ́n mi wá mọ ààrò kejì. Wọ́n ní Jímọ̀ tó ń bọ̀, ìlọ́po méjì ni àwọn máa yan, kí ẹnikẹ́ni má padà lọ́wọ́ òfo mọ́. Ṣe lẹ ò rí bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ pa ara ààrò yẹn. Wọ́n ní kí Ibtisam polówó rẹ̀, kí ó kúrú, kí gbogbo ayé mọ̀ pé búrẹ́dì ti pọ̀ sí i.

Ìgbàkígbà tó bá kọ nǹkan, ó máa ń wá kà á sókè fún ẹ̀gbọ́n mi kí n tó gbé e síta. Ṣùgbọ́n ìdánwò wà nílé ìwé wọn lọ́sẹ̀ yẹn, kò ráyè wá. Wásáàpù ló fi ránṣẹ́ sí mi ní Ọjọ́bọ̀: "Bàbá Salman, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e síta bó ṣe wà gẹ́lẹ́." Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà:

*Vendredi, y a encore plus de pain chez Tantie Simbi !*

Mo rí *encore*. Ṣé ẹ rí i báyìí! Ó ti fi èébú há àárín ìpolówó wa! Ó ń na ìka sí àwọn oníbàárà bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń na ìka sí mi, ó sì wá ní kí n gbé e síta "bó ṣe wà gẹ́lẹ́". Ìdí nìyẹn tí kò fi wá kà á sókè. Mo rántí ọ̀nà Pólì, mo rántí "ó léwu". Mo fi àtàǹpàkò pa *encore* rẹ́, mo fi ìyókù sílẹ̀, mo gbé e síta. N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Inú mi dùn sí ara mi títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ní Jímọ̀, búrẹ́dì kún tábìlì, ó kún apẹ̀rẹ̀, a tún tẹ́ aṣọ funfun sórí bẹ́ǹṣì, a tò ó síbẹ̀. Agogo mẹ́wàá kọjá, ẹni mẹ́ta ló wá, ará àdúgbò ni gbogbo wọn. A kí Jímọ̀ tán, a dé, kò sí mọ́tò kankan láti Ẹ̀jìgbò. Ẹ̀gbọ́n mi ń jáde sí títì, wọ́n ń wọlé. Ìgbà tó yá, wọ́n ní kí n pe Ọláníyan, ẹni tó máa ń fi mọ́tò rẹ̀ kó búrẹ́dì fún àwọn ará ilé wọn l'Ẹ́jìgbò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Mo fi ohùn rẹ̀ sí gbangba. Ó ní, "Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ ní kò sí búrẹ́dì? A ti rí i látàná. Gbogbo wa la ti ra ti ibòmíràn."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kà á fún mi."

Ọláníyan kà á bó ṣe wà níwájú rẹ̀: "*Vendredi, y a plus de pain chez Tantie Simbi.*" Ó fi *plus* parí sí "plú", kò pe *s* ìdí rẹ̀ rárá.

Etí ẹ̀gbọ́n mi kò nílò ìwé. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní, "Ó ní kò sí búrẹ́dì mọ́ lọ́dọ̀ Tantie Simbi. Ọmọ yẹn ló ti ilẹ̀kùn mi."

N kò tíì mọ ohun tí mo ṣe nígbà yẹn, mo fi Ọlọ́run búra. Mo kàn mọ̀ pé mo gbọ́n. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo sọ fún yín. Ọ̀nà Pólì."

Ibtisam dé ní nǹkan bí agogo mẹ́ta, ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀, ó fẹ́ mọ bí ọjà ṣe lọ. Ó rí búrẹ́dì, ẹ̀rín náà lọ. Ẹ̀gbọ́n mi ò jẹ́ kó kúnlẹ̀ tán.

"Ta ló rán ẹ?"

"Tantie?"

"Kí ni mo ṣe fún ẹ tí o fi kọ ọ́ pé búrẹ́dì mi tán?"

Ó mú fóònù rẹ̀, ó ṣí ojú ìwé wa, ó kà á. Ó wá ṣí ibòmíràn lórí fóònù náà, mo sì mọ ibẹ̀: ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ sí mi. Ó kà á. Ó gbójú sókè, ó wò mí. Kò wò mí pẹ̀lú ìbínú, ojú rẹ̀ kò sì pẹ́ lára mi. Ó ti fóònù náà, ó fi í sínú àpò.

Ó ní, "Ẹ má bínú, Tantie. Ọ̀rọ̀ kan ló sọnù níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọwọ́ mi ló fà á."

"Ọ̀rọ̀ kan?"

"*Encore*, Tantie. *Encore plus*. Bó bá wà níbẹ̀, búrẹ́dì ti pọ̀ sí i nìyẹn. Bí kò bá sí níbẹ̀, *y a plus* ló kù, bí wọ́n sì ṣe ń sọ 'kò sí mọ́' lẹ́nu ní Àjàmé nìyẹn."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí mo ṣe. Bí ẹni tí kò fi àmì sórí *ọkọ* ni, tí olùkà wá ń wá ọkọ́ nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ń pe baálé rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kó máa lọ, kó má padà wá mọ́. Ó dúró díẹ̀, bóyá ó ń retí nǹkan kan láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan, ó wá kí wa, ó lọ. Ẹ wá gbọ́ irú ọkàn tí Ọlọ́run fún mi o: ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé, kí ló dé tí kò fi tú mi fó? Pàkúté wo ló ń dẹ? Bí mo ṣe rí nìyẹn. Ẹni tó gbé ẹ̀bi mi rù níwájú mi, òun náà ni mo tún ń fura sí.

Ẹ̀gbọ́n mi mú búrẹ́dì kan, wọ́n ṣẹ́ ẹ, ó ti ń le. Wọ́n ní, "Ohun tó dùn mí jù nìyí. Ṣé o rántí obìnrin tó kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán wa lóṣù tó kọjá pé búrẹ́dì wa jóná, pé ọwọ́ wa dọ̀tí? Ibtisam kà á fún mi pátá. Omi wà lójú ẹ̀, ó ṣì kà á délẹ̀. Mo ní èyí ò ní yọ nǹkan kan kúrò nínú ọ̀rọ̀ mi láéláé."

Ojú mi kò lè gbà á mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta, sórí ilẹ̀ tó kún fún fúláwà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Mo rí *encore*, mo rò pé èébú ni ó ń bú àwọn ènìyàn. Mo yọ ọ́."

Wọ́n yíjú sí mi. "Èébú?"

"Bí ẹ ṣe máa ń fi bú mi."

"'Tún' ló ń jẹ́. Pé o tún ti ṣe é ni mo máa ń wí."

Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Salman, ọdún méjì ni mo fi dúró de ìyá mi." Ohun tí wọ́n sọ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ti ìdajì búrẹ́dì ọwọ́ wọn sápá kan. "Gbéra ńlẹ̀. Lọ mú ọmọ ọlọ́mọ wá. Má rán ẹnikẹ́ni."

Ọ̀kadà ni mo gùn lọ. Ìta ilé tí wọ́n ti gba yàrá fún un ni mo bá a, ó ń máàkì ìwé ìdánwò àwọn ọmọ. Ó fẹ́ kúnlẹ̀, mo dì í mú. Mo ní, "Má kúnlẹ̀. O mọ̀ pé èmi ni."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"Kí ló dé tí o ò fi sọ?"

Ó ní, "Ẹ̀yin ni àbúrò Tantie. Èmi ni àlejò. Bí mo bá ní ẹ̀yin ni, ta ni wọ́n máa gbà gbọ́?" Ó pa bírò dé. "Àti pé ẹ̀yin lẹ ní ká máa fi 'ẹ̀yin' bá àgbà sọ̀rọ̀. N ò rí bí mo ṣe máa fi 'ẹ̀yin' pe yín ní òpùrọ́."

N ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ tó gún mi tó báyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo wá bèèrè ohun tó yẹ kí n ti bèèrè tipẹ́, pé kí ló ń ṣe ní ilé búrẹ́dì ọ̀nà Pólì. Ó ní ọmọ onílé ibẹ̀ ló ń kọ́ ní Faransé, torí kò mọ *être* yàtọ̀ sí *avoir*. N ò mọ méjèèjì náà, n ò sì bèèrè.

Ó bá mi padà. Kò sí àríyànjiyàn, ẹ̀gbọ́n mi kàn fà á mọ́ra, fúláwà sì bo híjáàbù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín búrẹ́dì líle, ó kọ tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi fúnra wọn ló ní kó kọ *il y a* gbọọrọ, kí ẹnu Àjàmé lọ sinmi díẹ̀. Nígbà tó parí, kò ka nǹkan kan. Ó na fóònù sí mi.

"Bàbá Salman, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á fún Tantie."

"Èmi? Faransé?"

"Ẹ ka gbogbo rẹ̀. Ẹ má fo nǹkan kan."

Ó ń ṣe ẹlẹ́yà mi, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan: "*Pardonnez-nous, c'est notre erreur. Demain, il y a encore du pain chaud. Nous vous attendons.*" Ẹ foríjì wá, àṣìṣe wa ni. Lọ́la, búrẹ́dì gbígbóná ṣì wà. À ń retí yín. Mo kà á bí ẹni ń jẹ egungun, mo dé orí háṣì mẹ́rin ìsàlẹ̀, mo kà wọ́n náà. Ibtisam bo ẹnu rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ti yí ẹ̀yìn sí wa, wọ́n ń dáná sínú ààrò tuntun. Wọn ò bojú wẹ̀yìn.

"Encore, Salman," ni wọ́n wí.

N ò mọ̀ bóyá èébú ni, tàbí ọ̀rọ̀ lẹ́tà àtijọ́ yẹn, tàbí wọ́n kàn ní kí n tún un kà. Mo gbé fóònù súnmọ́ ojú, mo tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀, n ò sì yọ ẹyọ kan.